Ìròyìn ìpinnu ìpàdé oṣù fún ẹgbẹ́ onílé: ₦30,000 lórí ta ni, títí di ọjọ́ wo?

Akọ̀wé Tuntun

Ẹ kú ilé o. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan ní Ìkòròdú ni mo ń ṣe akọ̀wé fún, oṣù yìí ni wọ́n fi mí sípò. Alága ní kí n kọ ìròyìn kékeré, tí kò ní ju ojú ìwé kan lọ, sí gbogbo onílé nípa ohun tí a fẹnu kò lé lórí ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, 2025. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ìpàdé lọ dáadáa. A sọ̀rọ̀ lórí iná, a sì gbà pé kí olúkúlùkù dá ₦30,000 fún wáyà tiransifọ́mà tó jó. Kí a san án láàárín ìtàdógún. A tún sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọlọ́dẹ, wọ́n á máa gba ₦55,000 báyìí. Ọ̀rọ̀ géètì náà wáyé. Àwọn tó jẹ gbèsè ni òjúlé 7, 12, 19 àti 33. Ire o."

Ilé 48 ló wà nínú ẹgbẹ́, àwa 19 la wá sípàdé. Ṣé èyí ti tó, àbí kí ni mo fò?

Àgbà Akọ̀wé

Ẹ kú iṣẹ́. Kíkúrú rẹ̀ dára. Àmọ́ ẹni tó wá sípàdé nìkan ni ohun tí ẹ kọ yìí lè yé, ẹni tó wá sípàdé kò sì nílò rẹ̀. Ilé 29 tí kò rán ẹnikẹ́ni wá ni ẹ ń kọ ọ́ sí. Tí irú onílé bẹ́ẹ̀ bá ṣí ìwé yín, ohun tó ń wá ni pé: kí ló já lé mi léjìká, èló ni, ta ni mo máa kó o fún, ọjọ́ wo ló parí?

Ẹ mú gbólóhùn ₦30,000 yẹn. "Olúkúlùkù", ta ni olúkúlùkù? Ilé kan wà tó jẹ́ yàrá mẹ́wàá ojú-kojú, òmíràn jẹ́ fúláàtì mẹ́fà tí mítà mẹ́fà wà lára rẹ̀. Onílé onífúláàtì á kà á, á ní kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan lọ dá ₦30,000. Àwọn ayálégbé á ní ìwé ní "onílé". Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹnu ọ̀nà alága ni wọ́n máa gbé ìjà náà wá. Tó bá jẹ́ ojúlé kan sí ₦30,000 ni ìpàdé wí, ẹ kọ "ilé kọ̀ọ̀kan, iye ìdílé yòówù kó wà níbẹ̀". Tí ìpàdé bá sọ ẹni tó máa san án láàárín onílé àti ayálégbé, ẹ kọ ọ́. Tí kò bá sọ ọ́, onílé ló wà nínú ẹgbẹ́, onílé ni ẹgbẹ́ máa bi. Bí òun àti ayálégbé rẹ̀ ṣe máa pín in kò kan ìwé yín.

Ẹ̀ẹ̀kejì, "a sọ̀rọ̀ lórí" kì í ṣe ìpinnu. "Ọ̀rọ̀ géètì náà wáyé", ṣé ẹ máa ṣe géètì ni àbí ẹ kò ní ṣe é? Ẹ yan ọ̀rọ̀ tó dúró ṣinṣin: ìpàdé fọwọ́ sí i, ìpàdé kò fọwọ́ sí i, tàbí ìpàdé sún un síwájú di ọjọ́ báyìí. Kò sí ẹ̀kẹrin.

Ẹ sì yọ ìtàdógún kúrò. Bí àwọn àgbà ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, ìtàdógún jẹ́ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ náà wà nínú ìṣirò. Tí a bá kà á láti ọjọ́ Àìkú 29 oṣù Kẹfà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun 15 oṣù Keje ló máa bọ́ sí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lóde òní fi ń pe ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn ọjọ́ Àìkú 13. Ẹni tí wọ́n bá sì tún ìwé náà fi ránṣẹ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù Keje máa bẹ̀rẹ̀ kíkà tirẹ̀ láti ọjọ́ náà. Déètì ni kí ẹ kọ.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ẹ dáhùn mẹ́ta fún mi: èèyàn mélòó ni ìwé òfin ẹgbẹ́ yín ní ó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè fọwọ́ sí ohunkóhun? Mélòó ló dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni, mélòó ló ní bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọjọ́ wo gan-an ni alága ní lọ́kàn?

Dáúdù

Ẹ tiẹ̀ ń dààmú ara yín. Ìpinnu náà fúnra rẹ̀ kò bófin mu. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná ni tiransifọ́mà, wáyà àti òpó. Àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná nílẹ̀ yìí, ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé kí oníbàárà má ra nǹkan kan. Akọ̀wé ní láti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpinnu náà ti wọ́gilé.

Ìyá Ṣadé

Fún àwọn tó fẹ́ kọ mínìtì: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó gbà á, orúkọ gbogbo ẹni tó wá, àwọn tó tọrọ gáfárà, kíka mínìtì oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ yọ látinú rẹ̀, ìròyìn akápò, ètò ọjọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá yọjú, ẹni tó dábàá pé kí a kádìí ìpàdé àti ẹni tó gbè é lẹ́yìn, àdúrà ìkẹyìn. Ẹ má fò ọ̀kankan o.

Àgbà Akọ̀wé

Ìyá Ṣadé, ẹ ṣeun. Ìwé mìíràn ni ìyẹn. Mínìtì máa wà nínú ìwé ńlá ẹgbẹ́, ìpàdé tó ń bọ̀ ló máa kà á, tó máa tún un ṣe, tó máa fọwọ́ sí i. Ìròyìn ìpinnu ni wọ́n ní kí ó kọ, ìyẹn ni yóò dé ọwọ́ àwọn èèyàn kí ìpàdé mìíràn tó pé. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni pé kí iye owó, déètì àti iye ìbò inú ìròyìn bá ti inú mínìtì mu. Nítorí náà, ẹ kọ mínìtì kọ́kọ́, kódà bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ ránpẹ́, kí ẹ wá fa ìròyìn yọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ìròyìn láti orí ohun tó rántí, tó wá kọ mínìtì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iye owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Dáúdù, akọ̀wé kò lágbára láti wọ́gi lé ìpinnu ìpàdé. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé ló máa kọ, kódà bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Oníwáyà

Apá kan òótọ́ ni Dáúdù sọ. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni lóòótọ́ láti pèsè àwọn nǹkan wọ̀nyẹn àti láti tún wọn ṣe. Àmọ́ NERC kò ní kí àdúgbò má náwó rárá. Ó gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 2015 lórí ẹni tó bá fẹ́ fi owó tirẹ̀ sínú ohun èlò iná: kí òun àti ilé-iṣẹ́ iná kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, kí iye owó náà àti bí wọ́n ṣe máa dá a padà hàn nínú rẹ̀. Ibi tí àwọn àdúgbò ti máa ń já sí kòtò ni pé wọ́n á ra nǹkan, wọ́n á fà á mọ́ òpó, ẹ̀yìn náà ni wọ́n á wá kọ lẹ́tà. Tí wáyà bá ti wà lórí òpó láìsí ìwé, kò sí ohun tí ẹ máa fi béèrè owó padà, nǹkan náà sì ti di ti ilé-iṣẹ́ iná.

Ohun tó yẹ kó hàn nínú ìròyìn ni ibi tí ẹ dé: ṣé ẹ ti kọ lẹ́tà? Ọjọ́ wo? Ṣé wọ́n fi òǹtẹ̀ gbà á? Tí ẹ kò bá tíì kọ ọ́, ta ni ìpàdé ní kó kọ ọ́? Onílé tí kò wá máa béèrè rẹ̀, bí Dáúdù ṣe béèrè rẹ̀ yìí, tí kò bá sì rí ìdáhùn, kò ní san kọ́bọ̀.

"Wáyà tiransifọ́mà" náà gbòòrò jù. Ṣé wáyà ńlá tó ti ara tiransifọ́mà gun òkè lọ bá wáyà òpó ni? Mítà mélòó? Kọ́pà ni àbí alumíníọ̀mù? Owó wọn jìnnà síra. Tí ìwé kò bá sọ ọ́, ẹni tí ẹ rán lọ́jà lè ra alumíníọ̀mù, kó pe owó kọ́pà, kò sì sí ohun tí ẹ máa fi mú un.

Kiatékà

Mo ní ìbéèrè. Onílé tí mò ń bójú tó ilé rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Èmi ni mo máa ń lọ sípàdé fún un. Ṣé mo wà lára 19 yẹn tó bá jẹ́ tiwa? Wọ́n á ka orí mi, àmọ́ tó bá di ìbò, alága á ní kí n gbé ọwọ́ mi sílẹ̀.

Akọ̀wé Tuntun

Ẹ ṣé gan-an sà. Ìwé òfin wa ní ìdá mẹ́ta àwọn onílé gbọ́dọ̀ pé. Àwọn 12 gbà, 5 kò gbà. Àwọn méjì tó kù jẹ́ kiatékà bí i tọ̀gá yìí, wọn kò dìbò, torí ìwé òfin wa ní onílé nìkan ló ń dìbò, àfi tó bá fi lẹ́tà rán ẹlòmíràn. Alága ní ọjọ́ Àìkú 13 oṣù Keje ni òun ní lọ́kàn, mo ti bi í.

Wáyà tó gun òkè láti ara tiransifọ́mà ni. Èyí tó wà níbẹ̀ jó, apá kan àdúgbò kò ní iná. Ìwé tí oníná mú wá kọ alumíníọ̀mù, mítà 24, ₦1,080,000. Fíúùsì, lọ́ọ̀gì tí wọ́n fi ń de orí wáyà, àti àwọn nǹkan kéékèèké jẹ́ ₦160,000. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ọkọ̀ jẹ́ ₦200,000. Ìpàdé ní kí alága kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ iná, wọn kò sì dá ọjọ́.

Àgbà Akọ̀wé

Ìdá mẹ́ta 48 jẹ́ 16. Tí a bá yọ kiatékà méjèèjì kúrò, onílé 17 ló kù, ìpàdé ṣì pé. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe há tó: tí onílé méjì péré bá ti lọ sílé kí ẹ tó dìbò, kò sí ìpinnu. Nítorí náà ẹ má kọ "àwa 19" lásán. Ẹ kọ "onílé 17 àti aṣojú 2 tí kò dìbò". Ẹni tó bá fẹ́ tako owó náà, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dìmọ́.

Kiatékà, ó dọwọ́ ìwé òfin ẹgbẹ́ yín. Ẹ ní kí ọ̀gá yín kọ lẹ́tà kan ṣoṣo láti Lọ́ńdọ̀nù pé ẹ lè dìbò fún òun, kó fọwọ́ sí i, kó kọ déètì sí i, kí ẹ mú un fún akọ̀wé ṣáájú ìpàdé. Kì í ṣe láàárín ìpàdé tí ọ̀rọ̀ ti gbóná.

Akápò

Mo ti ń ṣírò láti àárọ̀. ₦1,080,000 pẹ̀lú ₦160,000 pẹ̀lú ₦200,000 jẹ́ ₦1,440,000. Tí a bá pín in sí ilé 48, ₦30,000 géérégé. Ìṣirò pé. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé gbogbo ilé 48 ló ń gba iná láti ara tiransifọ́mà yẹn?

Akọ̀wé Tuntun

Háà. Rárá o. Ilé mẹ́fà tó wà ní ìsàlẹ̀, tiransifọ́mà àdúgbò kejì ni wọ́n ń lò. Ẹnikẹ́ni kò rántí wọn nípàdé. Ìkankan nínú wọn kò sì wá. Ṣé kí n yọ wọ́n kúrò nínú ìròyìn ni?

Akápò

Ẹ rí ohun tí mò ń sọ. Tí àwọn mẹ́fà bá ní àwọn kò san, ₦180,000 ló máa dín. Tí ẹ bá ní kí 42 yòókù pín in, ó máa jẹ́ ₦34,286 fún ilé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì kọ́ ni iye tí ìpàdé dìbò lé lórí. Tí ẹ bá ní kí àpò ẹgbẹ́ fi dí i, a nílò ìbò fún ìyẹn náà. Gbogbo rẹ̀ ló gba kí ìpàdé tún jókòó.

Tèmi ni pé kí ẹ kọ ₦34,286 sílẹ̀, kí ẹ fi sí ₦34,500 kó rọrùn láti san. Owó á pé, ìyókù á sì wọ àpò.

Àgbà Akọ̀wé

Rárá, Akápò, ibi tí a kò ní fẹnu kò nìyẹn. Ìṣirò yín tọ̀nà, àmọ́ tí akọ̀wé bá fi ₦4,500 kún un fúnra rẹ̀, owó tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún ló ń gbà. Kò sì lè yọ ilé mẹ́fà kúrò, torí "gbogbo ilé" ni ìpàdé wí. Ohun tó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ni kó kọ ìpinnu bó ṣe wà, kó wá fi ìlà kan sí abẹ́ rẹ̀ tó máa jẹ́ kó hàn pé ọ̀rọ̀ ìlà náà kò sí lára ìpinnu: "Àkíyèsí akọ̀wé: ilé mẹ́fà kò sí lórí tiransifọ́mà yìí. A ti gbé e fún alága." Kí ó sì pe alága kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí alága má bàa kà á lórí Wáàsáàpù bí ẹni àjèjì.

Àwọn ìgbìmọ̀ lè jókòó láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé òfin yín bá fún wọn láyè. Tí kò bá fún wọn, ó di ìpàdé oṣù Keje.

Dáúdù

Ìyẹn ni pé ilé mẹ́fà máa gba ìwé tó ní kí wọ́n san owó iná tí wọn kò lò? Ìjà ni ẹ ń fi ránṣẹ́ yẹn.

Àgbà Akọ̀wé

Ìjà náà ti wà nínú ìpinnu láti ọjọ́ Àìkú, ìwé kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ìlà àkíyèsí yẹn ni yóò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ti rí wọn.

Oníwáyà

Ẹ dúró ná, ohun kan ṣì kù lórí ìwé oníná yẹn. Ṣé lọ́ọ̀gì tó kọ jẹ́ ti alumíníọ̀mù àti kọ́pà pọ̀, èyí tí ojú rẹ̀ kan jẹ́ alumíníọ̀mù tí èkejì jẹ́ kọ́pà? Tí ibi tí wọ́n máa dè é mọ́ lára tiransifọ́mà bá jẹ́ kọ́pà, tí wọ́n wá de alumíníọ̀mù mọ́ ọn ní tààràtà, ìrì àti òjò á wọ àárín méjèèjì, alumíníọ̀mù á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ojú ìdè náà á máa gbóná, á sì tún jó. Ẹ wo ti àtijọ́ náà: tó bá jẹ́ orí rẹ̀ níbi lọ́ọ̀gì ló ti jó, tí ara wáyà yòókù ṣì dára, ó lè má jẹ́ wáyà ló burú, ìdè ni. Tó bá sì jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ló yọ́, ẹrù ló pọ̀ jù fún un, irú rẹ̀ kan náà kò sì ní tọ́jọ́.

Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìròyìn. Àmọ́ ẹ so ìwé iye owó oníná mọ́ ìròyìn lódindi, ẹ má kàn kọ àròpọ̀. Nínú onílé 29 tí kò wá, kì í ṣaláì sí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n, òun ló máa rí i kí owó tó jáde.

Akọ̀wé Tuntun

Ẹ ṣé sà, lọ́ọ̀gì lásán ló kọ síbẹ̀, kò sọ irú rẹ̀. Mo máa bi í.

Ti àwọn ọlọ́dẹ ńkọ́? Mẹ́ta ni wọ́n, ₦45,000 ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Owó ọlọ́dẹ ilé kọ̀ọ̀kan kúrò ní ₦3,000 di ₦3,500 lóṣù. Gbogbo ẹni tó dìbò ló gbà.

Dáúdù

₦55,000 kẹ̀? Owó oṣù tó kéré jù lọ nílẹ̀ yìí ti di ₦70,000 láti oṣù Keje ọdún 2024. Ẹ máa dé ilé ẹjọ́.

Akápò

₦70,000 náà tọ̀nà, àmọ́ òfin owó oṣù yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀. Ọlọ́dẹ mẹ́ta kò dé ibẹ̀. Bóyá ₦55,000 tó fún ẹni tó ń ṣọ́nà lóru mọ́jú, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, mi ò ní jà yín lórí ẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ rèé: ₦55,000 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ ₦165,000. ₦3,500 láti ilé 48 jẹ́ ₦168,000. ₦3,000 péré ló ṣẹ́kù, ìyẹn ni pé tí ilé kan ṣoṣo kò bá san lóṣù kan, owó ti dín. Ṣé gbogbo ilé ló ń san? Ẹ kọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ o. "Báyìí" tí ẹ kọ, àwọn ọlọ́dẹ á gbà pé oṣù Kẹfà ni, àwọn onílé á gbà pé oṣù Kẹjọ ni.

Akọ̀wé Tuntun

Oṣù Keje ni. Gbogbo ilé kọ́ ló ń san. Ìdí tí mo fi kọ òjúlé 7, 12, 19 àti 33 nìyẹn. Alága ló ní kí n kọ wọ́n.

Kiatékà

Òjúlé tí mò ń bójú tó ti jáde rí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, a sì ti san. Ẹni tó kọ ọ́ kò wo rísíìtì.

Àgbà Akọ̀wé

Tèmi ni pé kí orúkọ tàbí òjúlé má jáde níbẹ̀. Ìwé yìí máa dé orí fóònù àwọn ayálégbé, á sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbé àdúgbò. Tí òjúlé kan bá ti san tí ẹ sì kọ ọ́, ẹ kò lè pa á rẹ́ mọ́. Ẹ kọ "ilé 4 ni owó ọlọ́dẹ ṣì kù lọ́rùn wọn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ iye báyìí", kí akápò kọ lẹ́tà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Akápò

Èmi kò gbà. Lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń jù sábẹ́ tábìlì. Tí ìwé òfin ẹgbẹ́ bá ní kí a ka orúkọ onígbèsè nípàdé, kí ló dé tí kò lè wà nínú ìròyìn? Àmọ́ kí akápò fọwọ́ sí i kọ́kọ́ pé ó ti wo ìwé rísíìtì di ọjọ́ kan pàtó. Ẹ̀dùn Kiatékà tọ́ níbẹ̀.

Ìyá Ṣadé

Nípàdé, ẹ̀yin àti àwọn onílé nìkan lẹ wà níbẹ̀. Wáàsáàpù kì í ṣe gbọ̀ngàn ìpàdé.

Akọ̀wé Tuntun

Mo máa bi alága lẹ́ẹ̀kan sí i lórí ìyẹn. Mo ti tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó:

"ÌRÒYÌN ÌPINNU ÌPÀDÉ OṢÙ KẸFÀ. Ìpàdé wáyé ní ọjọ́ Àìkú 29 oṣù Kẹfà, 2025. Onílé 17 wá, aṣojú 2 tí kò dìbò wà níbẹ̀. Iye tí ìwé òfin béèrè ni 16.

1. Wáyà tiransifọ́mà. Ìpàdé fọwọ́ sí i pé kí a ra wáyà tuntun tó ti ara tiransifọ́mà gun òpó. Àwọn 12 gbà, 5 kò gbà. Àpapọ̀ owó jẹ́ ₦1,440,000. Ìwé oníná wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ilé kọ̀ọ̀kan máa san ₦30,000, iye ìdílé yòówù kó wà níbẹ̀. Onílé ni ẹgbẹ́ máa bi. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ọjọ́ Àìkú 13 oṣù Keje, 2025. Alága máa kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ iná. Ìpàdé kò dá ọjọ́ fún un.
Àkíyèsí akọ̀wé, kò sí lára ìpinnu: ilé 6 ń gba iná láti ara tiransifọ́mà mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ alága.

2. Ọlọ́dẹ. Láti oṣù Keje, ọlọ́dẹ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta máa gba ₦55,000 lóṣù. Owó ọlọ́dẹ ilé kọ̀ọ̀kan di ₦3,500 lóṣù. Gbogbo onílé tó dìbò gbà.

3. Géètì. Kò sí ìpinnu. Ìpàdé sún un síwájú di ọjọ́ Àìkú 27 oṣù Keje, 2025.

Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kó kọ ọ́ sí akọ̀wé kí ó tó di ọjọ́ 6 oṣù Keje."

Àgbà Akọ̀wé

Èyí ti dára. Ohun méjì. Ẹ kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí owó kò bá pé lọ́jọ́ 13. Ká ní ₦1,000,000 ló wọlé: ṣé kí wọ́n ra wáyà sílẹ̀, ṣé kí wọ́n dúró, ṣé kí wọ́n dá owó padà fún àwọn tó san? Tí ìpàdé kò bá sọ ọ́, ẹ kọ "ìpàdé kò pinnu rẹ̀", kí wọ́n má bàa ní ẹ̀yin lẹ gbé e pamọ́. Èkejì, alága gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín. Ìwé tó ń béèrè owó kì í jáde pẹ̀lú ìbuwọ́lù ẹnì kan.

Akápò

Ẹ kò kọ ibi tí wọ́n máa san án sí. Báǹkì ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ má tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sínú ọ̀rọ̀ Wáàsáàpù. Ẹni tó bá fẹ́ jalè á dà á kọ, á pààrọ̀ nọ́ńbà, á tún fi ránṣẹ́ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ fi í. Ẹ kọ "àkáǹtì ẹgbẹ́ tó wà lórí rísíìtì yín àtijọ́", kí ìwé náà jáde gẹ́gẹ́ bí fọ́tò ìwé tí wọ́n ti buwọ́ lù. Kí ẹni tó bá san án kọ nọ́ńbà òjúlé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ náà "wáyà" sórí owó tó fi ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní mọ ₦30,000 ta ni èyí, ₦3,500 á sì tún dà pọ̀ mọ́ ọn.

Oníwáyà

Àti pé kí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ iná jáde ṣáájú ọjọ́ 13. Tí owó bá ti pé lọ́wọ́ yín tí lẹ́tà kò tíì lọ, àwọn èèyàn á ní kí ẹ lọ ra wáyà lọ́jọ́ kejì, ẹ kò sì ní lè dá wọn dúró nínú òkùnkùn.

Akọ̀wé Tuntun

Mo ti fi gbogbo rẹ̀ kún un, ó sì ṣì wà lójú ìwé kan. Alága ní òun máa gbé lẹ́tà lọ ní ọjọ́ Ajé, kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Oníná náà ti pè mí, ó ní lọ́ọ̀gì tí òun kọ kì í ṣe oríṣi olójú méjì yẹn, iye owó á yí díẹ̀ tí òun bá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn ilé mẹ́fà náà ti gbọ́, ó ní òun kò ní san. Ẹlòmíràn nínú wọn ní òun máa san án, torí pé òun náà ń gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá lóru.

Dáúdù

Iye owó á yí? Ṣé ẹ tún máa dìbò lórí lọ́ọ̀gì ni?

Akápò

Tí àyípadà náà bá wà nínú ₦160,000 tí wọ́n ti fọwọ́ sí, rárá. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí oníná kọ ìwé tuntun, kí ìwé náà sì dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ kí ìròyìn yìí tó jáde. Akọ̀wé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde lálẹ́ òní.